Ẹ̀bà kún abọ́, purotéènì ò kún un

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 18 ni mí, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá n'Íbàdàn, kílò 60 ni mo wọ̀n. Kóòṣì wa ní kí n máa wọn oúnjẹ mi, mo bá ra òṣùwọ̀n kékeré. Ohun tí mo jẹ lánàá nìyí. Láàárọ̀: búrẹ́dì 120 gíráàmù, tíì pẹ̀lú mílíìkì oníyẹ̀fun 12. Lọ́sàn-án: ìrẹsì 450, ẹran màlúù 25. Lálẹ́: ẹ̀bà 550, ewédú, pọ́nmọ́ 40, pánlá 52. Ẹran, pọ́nmọ́ àti ẹja nìkan ti lé ní 110 gíráàmù, kóòṣì sì ní purotéènì 96 ló yẹ kí n máa jẹ. Ṣé mi ò ti jẹ ẹ́ kọjá ni? Kí ló wá dé tí ara mi ò kún?

Ìdáhùn: Àbúrò, òṣùwọ̀n ẹ ò parọ́. Gíráàmù ẹran lo kà, o sì pè é ní gíráàmù purotéènì. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Omi ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú ẹran, ọ̀rá náà wà níbẹ̀. Tí o bá mú ẹran màlúù jíjinná tí kò légungun, tí o wọn 100 gíráàmù nínú ẹ̀, purotéènì tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi 26. Ègé tìẹ tó jẹ́ 25 gíráàmù wá di purotéènì 6 ààbọ̀ péré. Ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pánlá yẹn, torí òun ló tan ọ́ jẹ jù. O gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú orí àti egungun ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, jẹ ẹja náà tán, kó gbogbo orí àti egungun tó kù jọ, wọn òun náà, kí o yọ ọ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ká ní egungun àti orí jẹ́ 22, ẹja tó wọ ikùn ẹ jẹ́ 30, purotéènì inú ẹ̀ ò ju bíi 6 lọ. Pọ́nmọ́ ní tiẹ̀, mi ò ní kà á rárá. Kì í ṣe pé kò ní purotéènì, ó ní in, ṣùgbọ́n irú tí awọ fi ń le ni. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara gbọ́dọ̀ gbà látinú oúnjẹ kó tó lè mọ ẹran ara tuntun ò sí nínú ẹ̀. Jẹ ẹ́ tí o bá fẹ́ràn ẹ̀, pọ́nmọ́ dùn nínú ewédú, ṣùgbọ́n má kọ ọ́ sínú ìṣirò.

Ó ku àwọn tó kún abọ́. Búrẹ́dì 120 gíráàmù fún ọ ní bíi 10, mílíìkì 12 gíráàmù fún ọ ní 3. Ìrẹsì jíjinná 450 fún ọ ní 12, nítorí 100 gíráàmù ìrẹsì tó ti jinná ò ní ju 2.7 lọ. Ẹ̀bà ló máa yà ọ́ lẹ́nu. 550 gíráàmù, odindi òkìtì, kò ní ju bíi 2 lọ, torí gàárì fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní purotéènì, omi gbígbóná tí o sì dà sí i ò ní rárá. Ewédú, ká bù ú fún un ní 2. Àárọ̀ jẹ́ 13, ọ̀sán jẹ́ 18 ààbọ̀, alẹ́ jẹ́ 10. Àpapọ̀ ẹ̀ ò pé 42.

Nǹkan bí 96 tí kóòṣì ẹ sọ, ó tọ̀nà. Ẹni tí kì í ṣe eré ìdárayá, 0.8 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé ó tó o. Fún agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà, àwọn onímọ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù kó jọ ní 2020 ní kó jẹ́ láti 1.6 sí 2.2. Mo mú ti ìsàlẹ̀: 1.6 lọ́nà 60 jẹ́ 96. Tí o bá fi 42 pín in sára kílò 60, ó jẹ́ 0.7. Ìyẹn ò tó ti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ ń sáré lórí pápá.

Ohun kan tún wà nínú 42 yẹn tó yẹ kí o rí. Bíi 26 nínú ẹ̀ wá látinú búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹ̀bà àti ewédú. Purotéènì inú ìrẹsì àti àlìkámà kéré ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní láísíìnì, ara ò sì lè fi ohun tó ṣẹ́kù mọ nǹkan tó pé tí ọ̀kan yìí bá kéré. Ẹ̀wà ní in dáadáa. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa ń sè pọ̀, wọ́n ń gbé ara wọn ni.

Ẹ̀bà kọ́ ni kí o wá dínkù o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á gbọ́ purotéènì, wọ́n á sá fún òkèlè. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti iṣu ló ń fún ẹsẹ̀ ẹ lágbára láti sáré fún 90 ìṣẹ́jú. Tí wọn ò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sun purotéènì tí o fi owó rà, bíi igi ìdáná. Ohun tí a ń wá ni kí nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè.

Láàárọ̀, fi ẹyin méjì kún búrẹ́dì náà, kí mílíìkì di 25 gíráàmù. Búrẹ́dì 10, ẹyin 12, mílíìkì 6, ó jẹ́ 28. Lọ́sàn-án, dín ìrẹsì kù sí 300, kí o fi ẹ̀wà jíjinná 200 sí i, ẹran ẹ kékeré yẹn dúró bó ṣe wà. Ìrẹsì 8, ẹ̀wà 16, ẹran 6 ààbọ̀, ó lé díẹ̀ ní 30. Lẹ́yìn tíréníìn, gàárì mímu pẹ̀lú ẹ̀pà 40 gíráàmù, ìyẹn bíi ẹ̀kúnwọ́ kan tó dáa: 10. Lálẹ́, ẹ̀bà ẹ àti ewédú ẹ kò yí padà, ṣùgbọ́n títúùsì tó jẹ́ 100 gíráàmù lẹ́yìn tí o ti yọ egungun ló máa rọ́pò pánlá àti pọ́nmọ́. Ìyẹn á fún ọ ní bíi 23, tí o bá fi ti ẹ̀bà àti ewédú kún un ó di 27. Ọjọ́ yẹn á jẹ́ bíi 95. Mi ò ní bá ọ jà lórí ẹyọ kan.

Wò ó bí ó ṣe pín ká. Ara ò lè tọ́jú purotéènì pamọ́ bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá, bíi 18 sí 24 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan jíjẹ sì ni ẹni tó wọn kílò 60 máa ń lò dáadáa fún àtúnṣe ẹran ara. Ẹni tó kó gbogbo ẹran jọ di alẹ́, tó fi tíì àti búrẹ́dì lásán gba àárọ̀, kò ní rí àǹfààní kan náà bí àpapọ̀ ẹ̀ tilẹ̀ pé. Ẹ̀wà nìkan ni kí o ṣọ́ àkókò ẹ̀. Ó máa ń fẹ́ inú, nítorí náà má jẹ ẹ́ nígbà tó ku wákàtí kan tàbí méjì kí o wọ pápá. Tí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, tí ẹ da omi ìrẹ náà nù kí ẹ tó sè é, ó máa ń dínkù.

Níbi wíwọ̀n, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wọn nǹkan tó ti jinná, kó wá lo nọ́ńbà ti tútù tàbí gbígbẹ. Ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní purotéènì bíi 23, ṣùgbọ́n 100 gíráàmù ẹ̀wà tó ti jinná ò ní ju bíi 8 lọ, torí ó ti mu omi di ìlọ́po méjì ó lé. Bí o bá kọ 23 fún ẹ̀wà jíjinná, o ti fi bíi ìlọ́po mẹ́ta tan ara ẹ jẹ. Ẹran ní tiẹ̀ máa ń sún kì nínú ìkòkò: 100 gíráàmù tútù lè di 70 sí 75, omi ló sì jáde, purotéènì wà níbẹ̀. Yan ọ̀kan, jíjinná tàbí tútù, kí o dúró lórí ẹ̀. Ó rọrùn fún ọ láti wọn jíjinná, torí ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ.

Gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì tó le, kì í ṣe orí ẹní tàbí ibùsùn, torí ibi tó rọ̀ máa ń jẹ́ kí ó ṣi nọ́ńbà kà. Gbé abọ́ òfìfo lé e, tẹ bọ́tìnnì `TARE` kó padà sí òdo, kí o tó bu oúnjẹ sí i. Tí o bá fura sí i, ra omi oníke 50 sẹ́ńtílítà, wọn òun tòun ti ike, mu omi náà tán, wọn ike nìkan. Ìyàtọ̀ méjèèjì yẹ kó súnmọ́ 500 gíráàmù. Tó bá fi bíi 30 yàtọ̀, pààrọ̀ bátìrì kí o tó dá òṣùwọ̀n lẹ́bi.

Lórí pé ara ẹ ò kún, oúnjẹ nìkan ò lè dáhùn ìyẹn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Máa wọn ara ẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí o bá ti tọ̀ tán kí o tó jẹun. Tí kílò náà bá ń lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé purotéènì ti tó 96, má lọ ra ẹja sí i. Ìrẹsì 150 tí a yọ lọ́sàn-án ni kí o dá padà sínú abọ́.