Olóòótọ́ Tí Hádíìsì Rẹ̀ Lẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ààfáà. Mo ka hádíìsì kan tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó lẹ nítorí pé Ibnu Lahíà wà lára àwọn tó gbà á wá. Ṣùgbọ́n mo tún kà á níbòmíràn pé adájọ́ ni ọkùnrin náà, wọn ò sì pè é ní òpùrọ́. Kí ló dé tí wọn kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀? Bí mo bá tún rí orúkọ rẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ni àwọn onímọ̀ máa ń wò lára ẹni tó bá gba ẹ̀gbàwá wá. Àkọ́kọ́ ni ìwà rẹ̀: ṣé Mùsùlùmí tó ti bàlágà ni, tí orí rẹ̀ pé, tí kì í purọ́, tí kì í dẹ́ṣẹ̀ ní gbangba? Èkejì ni bó ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, yálà sínú orí tàbí sínú ìwé. Ará àdúgbò lè jẹ́rìí sí ìwà. Ní ti ìpamọ́, ẹ̀rí ẹnu kò tó. Ńṣe ni wọ́n máa ń kó ohun tí onítọ̀hún gbà wá jọ, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn mìíràn gbà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Tó bá ń bá àwọn tó dáńgájíá mu lọ́pọ̀ ìgbà, ó yege. Tó bá ń yà kúrò lọ́dọ̀ wọn léraléra, ó lẹ, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ibi èkejì yìí ni Ibnu Lahíà ti kọsẹ̀. Ará Íjíbítì ni, ó di adájọ́ níbẹ̀ ní ọdún 155 lẹ́yìn Híjírà, ó sì kú ní ọdún 174. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tí Ímáàmù Múslímù tú palẹ̀. Ibnu Lahíà ní Músá ọmọ Úkúbà kọ̀wé sí òun pé Búsúrù sọ fún òun, láti ọ̀dọ̀ Sáídù ọmọ Sábítì, pé Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ṣe híjámà, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ fífà jáde lára, nínú mọ́sálááṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tiẹ̀ bi í pé ṣé mọ́sálááṣí inú ilé rẹ̀ ni. Ó ní rárá, mọ́sálááṣí Ànọ́bì gan-an ni.

Wúháíbù náà gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ Músá kan náà. Tirẹ̀ ni pé Ànọ́bì fi ẹní pààlà síbì kan nínú mọ́sálááṣí, ó sì ń kírun níbẹ̀ lóru. Ẹlòmíràn tún gbà á wá lọ́nà mìíràn, ó sì bá ti Wúháíbù mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé rárá: «ìhtájárà», ó pààlà síbì kan, ló wà níbẹ̀, Ibnu Lahíà kà á sí «ìhtájámà», ó ṣe híjámà, ó fi lẹ́tà míìmù dípò ráà. Ó tún fo ẹnì kan, nítorí pé Abu Nádírì wà láàárín Músá àti Búsúrù. Ká ní ẹnu Músá ló ti gbọ́ ọ ni, kò ní ṣi í gbọ́ báyẹn. Inú lẹ́tà ló ti kà á.

Lẹ́yìn náà ni iná jó ìwé rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 170. Àwọn kan ní gbogbo rẹ̀ kọ́ ló jóná, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e burú ju iná lọ. Yàhyá ọmọ Hásáànì rí àwọn èèyàn pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ní ọ̀dọ̀ Ibnu Lahíà làwọn ti gbọ́ ọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí hádíìsì Ibnu Lahíà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó lọ bá baba náà, èsì tó sì gbọ́ ni pé: kí ni kí n ṣe? Wọ́n á gbé ìwé wá, wọ́n á ní hádíìsì mi nìyí, èmi á sì kà á fún wọn. Kò purọ́ o, àmọ́ ta ni yóò gbára lé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ Abdulláhì ọmọ Mùbárákì tàbí Abdulláhì ọmọ Wahábù, ó sàn, torí wọ́n ti gbà á lọ́dọ̀ rẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì mọ ojúlówó ìwé rẹ̀. Ìdájọ́ Ibnu Hájárì, onímọ̀ hádíìsì tó dé lẹ́yìn wọn, náà nìyẹn: ó ní olódodo ni, pé nǹkan dàrú mọ́ ọn lójú lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jóná, àti pé ohun tí àwọn méjèèjì yìí gbà wá dára ju ti àwọn yòókù. Kùtáíbà, tí òun náà gbọ́ hádíìsì lẹ́nu Ibnu Lahíà, wà lára àwọn tí tiwọn sàn. Ó ṣàlàyé pé inú ìwé ọmọ Wahábù làwọn ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ káwọn tó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Ibnu Lahíà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí hádíìsì náà gbà wá. Bí ẹ bá rí i, ti Ibnu Lahíà lè kún un lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Gbogbo onímọ̀ kọ́ ló gbà pé ká ya ti ìṣáájú iná sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí ṣá o. Lójú Yàhyá ọmọ Maíìnì, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ tó ń yẹ àwọn tó gba hádíìsì wá wò, ó ti lẹ kí ìwé tó jóná, ó sì lẹ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà rí ohun tó rí, nítorí iná kọ́ ló sọ ráà di míìmù. Ìdí nìyí tí n kì í fi í dá nìkan ṣe ẹ̀rí lórí ẹ̀tọ́ àti èèwọ̀, kódà bó bá jẹ́ ọmọ Wahábù ló gbà á wá.