Fọ́ǹtì kan, ojú kọ̀ǹpútà méjì

Ìbéèrè: Fọ́ǹtì kan náà ni mo lò, kí ló dé tó fi tín-ín-rín lórí kọ̀ǹpútà kan, tó sì ṣe bàìbàì lórí òmíràn? Ṣé híńtíìn ló fà á?

Ìdáhùn: Ó lọ́wọ́ sí i. Ẹ wo ìlà ìdábùú inú lẹ́tà «e» nígbà tí fọ́ǹtì bá jẹ́ píksẹ́lì 16, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tí ojú kọ̀ǹpútà fi ń ya ohun gbogbo. Bí ìlà náà bá nípọn tó ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n yẹn, píksẹ́lì 1.28 ló yẹ kó gbà. Píksẹ́lì kò ṣeé gé, nítorí náà kọ̀ǹpútà á kun ọ̀kan dúdú, á sì fi àwọ̀ eérú kun ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eérú yẹn ló ń ṣe bàìbàì lójú wa.

Híńtíìn jẹ́ ìtọ́sọ́nà inú fáìlì fọ́ǹtì tó ń sún ìlà bọ́ sórí píksẹ́lì rẹ́gí. 1.28 á di 1: ìlà á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n á tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Windows sábà máa ń tẹ̀ lé e. MacOS kì í kà á sí, ìrísí lẹ́tà ló ń dáàbò bò, ìyẹn ni lẹ́tà ibẹ̀ fi ń nípọn díẹ̀.

Lórí ojú kọ̀ǹpútà tí píksẹ́lì rẹ̀ kéré ní ìlọ́po méjì, ìlà náà á gba 2.56, eérú etí rẹ̀ kò sì ní hàn púpọ̀ mọ́.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá fọ́ǹtì ló ń ṣe bàìbàì tàbí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì mú un tóbi. Bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá mọ́ kedere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye píksẹ́lì tí ẹ yàn nínú ètò kò bá ti ojú kọ̀ǹpútà náà mu. Híńtíìn kò lè tún ìyẹn ṣe.