Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni kí n fi ẹjọ́ sun ọ̀gá àgbà?

*Àsàlámù aláékúmù, Alfa. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì mi ló ń tọ́jú fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àmọ́ kì í wo tẹmómítà kó tó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ fún ọ̀gá wa, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Bí mo bá lọ bá mátírọ́ọ̀nù àgbà, ṣé mi ò ní jẹ ẹran ara ọmọ ìyá mi?*

Wa aláékúmù sàlámù, arábìnrin mi. Rárá, bí ẹ bá gbé e gba ojú ọ̀nà.

Búhárì gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀ pé àwọn ará ìlú Kúfà fi ẹjọ́ gómìnà wọn, Sáàdù ọmọ Abí Wákásì, sun Kálífà Úmárù. Wọ́n tilẹ̀ ní kò mọ ìrun kí dáadáa! Úmárù ránṣẹ́ pe Sáàdù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójúkojú. Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn èèyàn bá a padà sí Kúfà, wọ́n sì ń wádìí láti mọ́sálásí dé mọ́sálásí. Gbogbo wọn sọ rere, àfi ọkùnrin kan tó dìde tó ní Sáàdù kì í pín nǹkan dọ́gba. Sáàdù ní bí ó bá jẹ́ irọ́ ló pa, kí Ọlọ́hun fún un ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú òṣì àti àdánwò. Ọkùnrin náà gbó títí irun ojú rẹ̀ fi já bo ẹyinjú rẹ̀, ó ṣì ń yọ àwọn ọmọdébìnrin lẹ́nu lójú títì, ó ń sọ pé àdúà Sáàdù ló mú òun.

Ẹ rí i pé lílọ sókè kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ohun tí èèyàn bá fi kún ẹjọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe ẹnì kejì yín kí ẹ jọ wo tẹmómítà náà. Bí kò bá yí padà, ẹ kọ ìwé, kí ó sì jẹ́ ohun tí ojú yín rí nìkan: "Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ní 5, tẹmómítà ní 11, bẹ́ẹ̀ 2 sí 8 ló yẹ kó wà." Ẹ má kọ pé ọ̀lẹ ni, ẹ má sì mẹ́nu kan ilé rẹ̀. Ẹ kà á sí i létí. Gbólóhùn tí ẹnu yín kò bá lè kà lójú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ẹ kọ ìwé náà sí mátírọ́ọ̀nù àgbà nípasẹ̀ ọ̀gá yín, kí ẹ sì fi lé ọ̀gá yín lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un pé: "Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ wá bá, ẹ̀rù ń bà mí nítorí àwọn ọmọ." Bí ó bá di ìwé náà mọ́lẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ó mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fúnra yín. Ẹ má sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yòókù o, nítorí wọn kò lè tún un ṣe, òfófó ló máa dà.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ òní ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ náà gún àwọn ọmọ, ẹ má dúró de ìwé. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ ń lọ bá mátírọ́ọ̀nù àgbà, kí ẹ sì lọ.