Bọ́ọ̀tù ọmọ yín àti ilẹ̀kùn Kétu

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, Líyọ̀n nílẹ̀ Faransé ni mò ń gbé. Níléèwé, wọ́n ní kí ọmọkùnrin mi fi ọ̀pá méjì tí wọ́n ń fi nọ́ńbà sáàárín, àti àmì àìdọ́gba, kọ gígùn bọ́ọ̀tù irin kan: 25 ± 0,05 mílímítà. Ó kọ |x| ≤ 25,05. Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà, àmọ́ mi ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi là á yé e. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọ Kétu ni mí, irin ni mò ń gé níléeṣẹ́ kan níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ bi í pé tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀tù tó gùn ní mílímítà 3 péré wá, ṣé ó máa gbà á? Kò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀ 3 kò tó 25,05, ohun tó kọ sílẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí òdo ni ọ̀pá méjì yẹn ń wọ̀n. Àwa ò sì bá òdo ṣe, bí bọ́ọ̀tù ṣe jìnnà sí 25 la fẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ yọ 25 kúrò:

|x − 25| ≤ 0,05

Kó fi 24,97 dán an wò. Tó bá yọ 25 kúrò, −0,03 ló kù. Ọ̀pá méjì náà á gbá àmì ìyọkúrò yẹn dànù, á ku 0,03, a gbà á. 25,08 fi 0,08 kọjá, a dà á nù. Kíkúrú àti gígùn, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni níbẹ̀. Ìyẹn ni kò ṣe sí àmì mọ́.

Iṣẹ́ ọmọ yín parí síbẹ̀. Ti èmi ni kò parí.

Nígbà tí a lọ lo ìsinmi ní Kétu, ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin mi. Ó ń ṣe ìwé ìṣirò rẹ̀ lágbàlá. Ìbéèrè náà sọ̀rọ̀ ọ̀pá irin kan tó máa wọ inú ihò 40 mílímítà: ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 0,02 kéré sí 40, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 0,06 lọ kéré sí i. Mo ní kó kọ |x − 40| ≤ 0,06. Ó ní, “Rárá, pàpá.” Ó ń fi Faransé ṣàlàyé, inú mi sì ń ru, torí àwọn ará ilé ń wò wá. Mo jágbe mọ́ ọn: “Ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ẹ?” Ó kọ ohun tí mo sọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà, ń fi ilẹ̀kùn sí yàrá ìyá mi. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ò rí Yorùbá kankan sọ. Ó kàn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó ki ìka bọ inú àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti igi ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀gbẹ́ni náà. Àbúrò bàbá mi wò ó títí, ó ní: “Òótọ́ lọmọ yìí ń sọ. Ilẹ̀kùn tó bá ju ẹnu ọ̀nà lọ, ibo ló máa gbà wọlé? Tó bá sì kéré jù, alángbá á máa wá kí onílé.”

Ọ̀rọ̀ mi yẹn gba 40,03 wọlé. Ọ̀pá 40,03 ò lè wọ ihò 40 láé. Ó gba 39,99 náà, bẹ́ẹ̀ àlàfo rẹ̀ ti há jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: 39,94 àti 39,98. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 39,96 ni àárín. Láti àárín dé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0,02. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ni:

|x − 39,96| ≤ 0,02

Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sórí àwòrán kì í ṣe àárín nígbà gbogbo. Ẹ sì wò ó o, níléeṣẹ́, 39,96 gan-an ni ọwọ́ mi ń lé tí mo bá ń gé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ẹnu ni kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní a ò kọ́ àwọn ọmọ wa lédè Yorùbá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́sàn-án, ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ni? Mo mọ̀ pé àwáwí ni. Tí ẹ bá fẹ́ bá ọmọkùnrin yín ṣe é, ẹ jẹ́ kó fi èdè tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́ tán ná. Bí a ṣe ń fà á padà sí Yorùbá lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin mi ò gbé iṣẹ́ ìṣirò wá bá mi mọ́ láti Kétu yẹn. Mo ń kí i ní Yorùbá láràárọ̀. “Wí, pàpá” ló ń dá mi lóhùn.