Kókó Tó Ń Sú Síni Lọ́rùn Lẹ́yìn Tí A Bá Fá Irùngbọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, bí mo bá ti fá irùngbọ̀n mi, kí ọjọ́ méjì tó pé, kókó wẹ́wẹ́ á ti sú sí mi lọ́rùn àti lábẹ́ àgbọ̀n, wọn a sì máa yún mi. Mo ti pààrọ̀ abẹ, mo sì ń fi sípíríìtì nù ún, síbẹ̀ kò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á, ìdí nìyẹn tí sípíríìtì kò fi ràn án. Irun yín gan-an ló ń padà wọnú awọ. Bí abẹ bá gé irun tó lọ́, ṣóńṣó rẹ̀ á mú bí ẹ̀gún. Bó ti ń hù ni yóò máa tẹ̀ bí ìwọ̀, títí yóò fi gún awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ibẹ̀ á sì wú. Abẹ olójú púpọ̀ tún ń dá kún un, nítorí ojú àkọ́kọ́ á fa irun sókè díẹ̀ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó gé e, ìyókù á wá sá padà sábẹ́ awọ, níbi tí yóò ti gún ara láìtilẹ̀ yọjú síta. Ohun kan náà ni ẹni tó ń fi ọwọ́ na awọ bó ti ń fárùn ń ṣe.

Ọkùnrin kan tó wá sọ́dọ̀ mi máa ń fá tirẹ̀ láràárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì, lòdì sí bí irun ṣe hù, kí ó lè dán. Nígbà tí mo fi awò wò ó, mo rí irun tó tẹ̀ bí ọwọ́ ife, tí orí àti ìdí rẹ̀ wà nínú awọ. Abẹ́rẹ́ tó mọ́ ni mo fi gbé orí wọn síta. N kò fà wọ́n tu, torí irun tí a bá tu lè hù gba abẹ́ awọ padà. Mo ní kó má fárùn fún ọ̀sẹ̀ 4. Ọ̀sẹ̀ kìíní le, ìyún náà pọ̀ sí i (ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré padà sídìí abẹ), ṣùgbọ́n bí irun ṣe ń gùn, ó ń fa ara rẹ̀ yọ. Láti ìgbà náà, kílípà tó ń ṣẹ́ irun kù ní nǹkan bí mìlímítà 1 ló ń lò.

Bó bá di dandan kí ẹ fá a kanlẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi ọṣẹ ìfárùn pa á, kí ẹ sì lo abẹ olójú kan lẹ́ẹ̀kan péré, láìna awọ, síhà ibi tí irun kọrí sí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka wá ọ̀nà rẹ̀: ibi tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ tọ̀, ti ọrùn lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Irun yín kò ní yé lọ́, nítorí náà, bí ẹ bá tún ti ń fá a kó dán, kókó yóò padà.

Bí ó bá ń ṣọyún tó sì ń dunni, tàbí tí kókó le, tó ń tóbi kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fá a rárá kí dókítà awọ tó wò ó.