Ṣé mo lè sọ ọ̀gá mẹ́ta di ẹyọ kan nínú ìtàn ayé mi?

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mò ń kọ ìtàn ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Íbàdàn. Ọ̀gá mẹ́ta ni mo bá ṣe: ọ̀kan kọ́ mi dáadáa, èkejì ń nà mí, ẹ̀kẹta ò jẹ́ kí n ṣe fírídọ́ọ̀mù bọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pa wọ́n pọ̀ di ẹnì kan, kí n yí orúkọ padà. Ṣé kò ní di irọ́?*

Ẹ má pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Tí wọ́n bá di ẹnì kan, òǹkàwé á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ yìí ò kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń nà án, ẹ ò sì ní rí i dá lóhùn àfi tí ẹ bá hùmọ̀ nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọlé. Ti ọ̀gá àkọ́kọ́ ló tilẹ̀ dùn mí jù. Òun ló kọ́ yín ní gígé aṣọ, ìwé yín á wá sọ ọ́ di ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn tí ẹ lè pa pọ̀ ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn: ọmọ iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀kọ wá, èyí tó ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, èyí tó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kọ orúkọ gidi sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí ẹni àpapọ̀ náà ṣe tàbí sọ. Èyí tí ẹ ò bá rí orúkọ kọ sí, ẹ̀yin lẹ hùmọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Orúkọ nìkan kì í bo èèyàn o. Bí ọ̀gá kejì bá ń tiro, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Bẹẹrẹ, àdúgbò á dá a mọ̀, ó sì lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ yí àdúgbò, ẹ yọ títiro. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ orí yín nígbà tó ń nà yín. Tí ọmọ ọdún 13 bá di ọmọ ọdún 9, ẹ ti fi èrú gba àánú òǹkàwé.

Kí òǹkàwé sì mọ ohun tí ẹ yí padà àti àwọn tí ẹ pa pọ̀ kó tó ka orí kìíní. Barack Obama sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1995, pé àpapọ̀ àwọn tí òun mọ̀ ni àwọn kan nínú rẹ̀. Kò sọ èwo ni èwo, nígbà tó sì hàn ní 2012 pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ inú ìwé náà kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí tiyín ṣe pàtó: “Mo yí orúkọ àwọn ọ̀gá mi àti àdúgbò wọn padà. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni mo pa pọ̀ di Ṣadé. Kò sí ẹlòmíràn tí mo pa pọ̀.” Bí ẹ bá tún pa ẹlòmíràn pọ̀ nígbà tí ẹ ń tún ìwé ṣe, ẹ padà sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kí ìwé tó lọ sílé ìtẹ̀wé.