Gíráàmù mélòó ló wà nínú agolo ìrẹsì yín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kúbúwà ni mo ń gbé. Wọ́n ní kí n máa ka kabohaidireeti tí mò ń jẹ, gíráàmù sì ni áàpù orí fóònù mi ń béèrè. Agolo mílíìkì ni mo fi ń wọn ìrẹsì, ṣíbí ni mo fi ń wọn òróró. Wọ́n kọ 170g sára agolo náà. Ṣé kí n máa lo ìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìwọ̀n mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni 170g yẹn. Tí ẹ bá bu ìrẹsì tútù sí i, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ó sábà máa ń tó nǹkan bí 125 sí 135g. Tí ẹ bá jẹ́ kó ga lórí bí àwọn onímúdù ṣe ń ṣe nínú ọjà, ó lè kọjá 150.

Ẹ ra sikéèlì kékeré ti ilé ìdáná. Ẹ gbé agolo òfìfo lé e, ẹ tẹ TARE kó padà sí òdo, kí ẹ tó bu ìrẹsì sí i. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín, kí ẹ kọ ọ́ sára agolo. Fún ṣíbí, ẹ bu omi ṣíbí márùn-ún sínú abọ́ lórí sikéèlì náà, kí ẹ pín ìwọ̀n omi náà sí márùn-ún. Ṣíbí ìjẹun tèmi gba omi 11g péré, bẹ́ẹ̀ 15 ni áàpù máa ń kà fún ṣíbí ńlá. Òróró fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ fi 0.92 sọ ọ́ di púpọ̀: 10g ni ṣíbí mi.

Ibi tó ti ń dojú rú jù ni ìrẹsì tútù àti èyí tó ti jinná. Nínú 100g ìrẹsì tútù, kabohaidireeti tó bí 80g. Nínú 100g èyí tó jinná, bí 28g ni, torí omi ti wọ̀ ọ́.

Ká ní ẹ se agolo mẹ́ta, 130g ọ̀kọ̀ọ̀kan: 390g tútù, kabohaidireeti 312g, purotéènì bí 27g. Ẹ fi ṣíbí òróró mẹ́rin sí i: ọ̀rá 40g. (Mi ò ka tòmátò àti ata, díẹ̀ ni tiwọn.) Kí ẹ tó dáná, ẹ wọn ìkòkò òfìfo: 1,100g. Nígbà tó jinná, 2,350. Oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ́ 1,250g. Tí ẹ bá bu 250g sáwo, ìdá kan nínú márùn-ún ni: kabohaidireeti 62g, purotéènì 5g, ọ̀rá 8g. Ẹni tó bá mú 250g yẹn lọ sí ìlà ìrẹsì tútù nínú áàpù yóò rí 200g kabohaidireeti, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó jẹ.

Gàárì ní tirẹ̀ kò gba nọ́ńbà ìrẹsì. Èyí tó kúnná àti èyí tó le kì í wúwo bákan náà nínú agolo kan ṣoṣo, nítorí náà ìgbàkígbà tí ẹ bá ra irú mìíràn, ẹ tún un wọ̀n.